Bí A Ṣe Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Oníbàárà Lẹ́yìn Iṣẹ́ Ńlá, Tí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Mìíràn Yóò Fi Wọlé Wẹ́rẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń gba iṣẹ́ ṣe ní Ìlọrin àti gúúsù Kwárà ló mọ iṣẹ́ í ṣe, tí a sì mọ owó iṣẹ́ í béèrè, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí gan-an ni nǹkan máa ń bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn kan á gba owó tó kù, wọ́n á palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó di ọjọ́ tí nǹkan bá bà jẹ́ kí oníbàárà tó tún gbóhùn wọn. Àwọn mìíràn á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù lọ́jọ́ kejì: "Ẹ ṣé gan-an o, Ọlọ́run á bù sí i. A tún ń ṣe kámẹ́rà, a ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, a sì ń ta bátìrì. Ẹ bá wa sọ fún àwọn èèyàn yín." Oníbàárà á kà á, á fèsì pé "Àmín," ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Ohun tó fà á kò jìnnà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná á rí òmíràn gbà. Oníbàárà náà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń dúpẹ́, ó ti ń dúró de ohun tí ẹ fẹ́ gbà. Bí ẹ bá wá béèrè lóòótọ́, ọpẹ́ yẹn ti di ẹ̀bẹ̀ lójú rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ tọ́ka sí níhìn-ín ni pé kí a ya ọpẹ́ àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, kí ìbẹ̀wò kan sì wà láàárín wọn tí kò sí ọ̀rọ̀ títà nínú rẹ̀.

Kí ó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ní pàtó. Ẹ gbà pé ẹ jẹ́ oníná sólà tó ń gbé ní Táńkẹ̀ ní Ìlọrin. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Òmù-Àrán: páánẹ́lì 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550W, ínfátà 10kVA kan, àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù méjì. Àlàájà kan ló ni ilé ìwé náà. Ẹni tó ń sanwó ni akọ̀wé owó, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ lójoojúmọ́ ni oníná ilé ìwé, ọlọ́dẹ ló sì ṣọ́ ẹrù yín lálẹ́.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé kékeré kan tí ẹ ti ń kọ nǹkan sí láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìwé ìṣirò ohun èlò ni mo ń sọ. Ìwé tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà sí ni. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ń gbé páánẹ́lì gòkè, Àlàájà dúró sísàlẹ̀, ó tọ́ka sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ilé, ó ní, "Ẹ̀rọ omi yìí ló ń jẹ epo mi jù." Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ ìpele karùn-ún nínú ìpele mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ẹ ó gbàgbé.

Ẹ tún nílò orúkọ gbogbo ẹni tó ràn yín lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, fọ́tò ojú ínfátà lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tan iná, àti ìwé gárántì ohun gbogbo nínú fáìlì kan ṣoṣo. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

1. Ẹ pa ìyókù iṣẹ́ rẹ́ ná

Kò sí ọpẹ́ tó lè bo iṣẹ́ tí kò parí mọ́lẹ̀. Ẹ bá oníná ilé ìwé rìn yí gbogbo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ká, kí ẹ wo nǹkan kéékèèké tí ojú onílé máa ń rí tí tiwa kì í rí: ihò tí wáyà gbà kọjá tí ẹ kò tíì fi sìmẹ́ńtì dí, ọ̀dà ògiri tí àkàbà ha, páálí páánẹ́lì tó ṣì wà lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ ṣe wọ́n kúrò lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ owó tó kù ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá láti san án kò bá tíì pé, ẹ má mẹ́nu bà á rárá nígbà tí ẹ bá ń dúpẹ́. Bí ọjọ́ ti kọjá, ẹ kọ́kọ́ bá akọ̀wé owó sọ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ gbà á, kí ẹ tó wá dúpẹ́. "Ẹ ṣé mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí owó wa" kì í ṣe ọpẹ́. Bí ilé ìwé bá di ìdá díẹ̀ nínú owó mú fún oṣù mélòó kan kí wọ́n lè rí i bóyá iṣẹ́ dúró, àdéhùn nìyẹn. Ẹ dúpẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti san gbogbo rẹ̀.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti yẹ:* ẹ má bi Àlàájà, oníná ni kí ẹ bi pé, "Kí ló kù?" Kí ẹ wá sọ pé kó pa gbogbo ẹ̀rọ náà, kó sì tún tàn án lójú yín láìjẹ́ pé ẹ ràn án lọ́wọ́. Bó bá ṣe é láìdúró, tó sì ní kò sí ohun tó kù, ẹ lè lọ sí ìpele kejì.

2. Ọpẹ́ fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ kó wáyé láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ fa iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dúpẹ́, kí ìwé tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà tó náwó púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí a ń fi ọ̀rọ̀ Wásáàpù nìkan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lè gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ bá a ní Òmù-Àrán, ó dára jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pè é. Ẹ má pè lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ẹ má sì pè láàárọ̀ tí àwọn òbí ń já ọmọ sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti tú, ló sàn jù.

Nǹkan mẹ́ta péré ni ọpẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní. Àkọ́kọ́, ohun kan pàtó tí *òun* ṣe tó mú kí iṣẹ́ rọrùn. Èkejì, orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ tó dúró tì yín. Ẹ̀kẹta, ohun tí ẹ fi sílẹ̀ fún un àti ibi tó ti máa rí yín bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Báyìí ló ṣe lè lọ:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ Àlàájà, ẹ kú ìnáwó. Mo ní kí n wá dúpẹ́ ni mà. Lọ́jọ́ tí òjò ká wa mọ́ orí òrùlé, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣí kíláàsì kan fún wa ká kó páánẹ́lì sí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹrù náà ì bá ti bà jẹ́. Ọlọ́dẹ yín kò sùn lórí ẹrù wa, oníná yín náà sì ti mọ ẹ̀rọ yẹn bí ẹni pé òun ló dè é. Fáìlì gárántì wà lọ́wọ́ akọ̀wé owó, nọ́ńbà wa sì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹ ọjọ́ rẹ̀ pẹ́."

Ó tán. Bó bá gbàdúrà fún yín, ẹ ṣe àmín, kí ẹ dìde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé inú wa á dùn pé ó tú ara sílẹ̀, a ó wá fi kún un pé, "A tún lè bá yín ṣe ti ilé yín o, Àlàájà." Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló máa ń ba gbogbo èyí tó ṣáájú jẹ́. Kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè iye tí ti ilé rẹ̀ máa jẹ́, ẹ dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rí i pé èyí ń ṣiṣẹ́ dáadáa mà. Mo ń padà bọ̀ wá wò ó." Kò ní bínú. Ó máa rí i pé kì í ṣe owó lẹ bá wá.

Àṣìṣe kejì ni yíyin iṣẹ́ ara ẹni. "Ẹ rí i pé iṣẹ́ wa dá yàtọ̀" kò ní ààyè nínú ọpẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí yóò tún ohun pàtó kan yẹn sọ. Ẹ má fi àwòrán òdòdó tàbí àdúrà tí gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí i. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé fọ́tò iṣẹ́ náà síta fún aráyé rí, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Ilé ìwé ni, àwọn ọmọ ọlọ́mọ lè wà nínú fọ́tò náà.

Ní ti ẹ̀bùn, fún aládàáni, ohun tó wúlò lára iṣẹ́ náà ló dáa jù. Ẹ tẹ ìlànà bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ àti bí wọ́n ṣe ń tàn án sórí ìwé ńlá kan ní èdè Yorùbá, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà. Àmọ́ bí oníbàárà yín bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ má fún òṣìṣẹ́ kankan tó ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ náà ní ohunkóhun, kékeré tàbí ńlá. Òfin tó dá àjọ ICPC sílẹ̀ lọ́dún 2000 ka irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ bó bá jẹ́ nítorí iṣẹ́ tó ṣe fún yín, ó sì lè kó ẹni tó gbà á àti ẹni tó fún un sí ìjọ̀gbọ̀n. Lẹ́tà ọpẹ́ tó gba ọ́fíìsì ọ̀gá wọn kọjá ti tó.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó wọlé:* ẹ fetí sí èsì rẹ̀. Bó bá jẹ́ "àmín" nìkan ni, ó gbọ́, ó tán. Bó bá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, bíi "Àwọn olùkọ́ ní àwọn lè lo kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di ọ̀sán báyìí," ọpẹ́ yín ti ṣí ẹnu rẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

3. Àwọn tí kò sanwó

Ìpele yìí kò gùn, àmọ́ ẹ má fò ó. Ẹ pe oníná, akọ̀wé owó àti ọlọ́dẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dárúkọ ohun tí olúkúlùkù ṣe. Bí Àlàájà bá fẹ́ tún iṣẹ́ gbé síta lọ́la, oníná ló máa kọ́kọ́ bi pé, "Àwọn èèyàn yẹn ńkọ́?" Akọ̀wé owó ló sì mọ̀ bóyá ìwé owó yín ṣe kedere tàbí ó fún òun ní wàhálà. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣèlérí owó kankan fún wọn pé bí iṣẹ́ bá tún wá, ẹ ó fún wọn ní tiwọn. Bí Àlàájà bá gbọ́, gbogbo rẹ̀ bà jẹ́ nìyẹn.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀:* oníná á máa pè yín fúnra rẹ̀ láti béèrè nǹkan kéékèèké kó tó di pé ó sọ fún Àlàájà.

4. Ìbẹ̀wò tí kò sí títà nínú rẹ̀

Ẹ jẹ́ kó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kó tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò tíì ní ìtàn tó ṣeé kà. Bó bá sì ti ju oṣù mẹ́ta lọ, wọn á ti rò pé ẹ ti gbàgbé wọn. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, pé ẹ kò ní gba kọ́bọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni ojú ínfátà. Ẹ wo iye iná tí páánẹ́lì ń mú wá lóòjọ́, kí ẹ fi wé fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́. Páánẹ́lì 16 yẹn jẹ́ 8.8kW lápapọ̀. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa ní agbègbè wa, ó yẹ kí ó lè mú nǹkan bíi 30kWh wá, bí ẹrù tó wà lórí rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tó ń lo iná, bá tó láti gbà á. Bó bá wálẹ̀ gan-an, ẹ má tíì fòyà. Ẹ gun òkè lọ, kí ẹ fi ìka nu ojú páánẹ́lì kan. Lásìkò ọyẹ́, eruku á ti bò ó débi pé ojú ibi tí ẹ nù á dúdú yàtọ̀ sí ìyókù tó ti pọ́n bí ilẹ̀. Ẹ kọ́ oníná bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́: àárọ̀ kùtùkùtù ni, kí oòrùn tó mú un gbóná, omi lásán àti aṣọ tó rọ̀, kò gbọdọ̀ sí iyanrìn tàbí kànrìnkàn ìfọkòkò. Omi tútù lórí páánẹ́lì tó ti gbóná lọ́sàn-án lè mú kí gíláàsì rẹ̀ sán.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé tí ọlọ́dẹ fi ń kọ wákàtí jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní in, nítorí owó epo. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbà pé kí sólà tó dé, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Ní báyìí, ìwé fi hàn pé wákàtí kan àbọ̀ ni, láàárọ̀ nìkan. Ẹ bi ọlọ́dẹ pé kí ni wọ́n ń fi ṣe láàárọ̀. Á ní, "Omi ni." Ohun tí Àlàájà sọ lọ́jọ́ tí ẹ ń gbé páánẹ́lì gòkè náà nìyẹn, ó ti wá wà nínú ìwé ọlọ́dẹ báyìí.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé kan ṣoṣo: iye iná tó ń wọlé, bí bátìrì ṣe ń ṣe, wákàtí jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀ àti nísinsìnyí, ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún fọ páánẹ́lì. Ẹ má kọ ìdámọ̀ràn rírà kankan sí i. Ẹ má sì wá àbùkù tí kò sí. Ẹni tó bá fi ìbẹ̀wò ọ̀fẹ́ rí àléébù tó ń fẹ́ owó, kò ní jẹ́ kí wọ́n tún gba ẹnikẹ́ni nínú wa wọlé mọ́.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó yẹ:* Àlàájà fúnra rẹ̀ ka ìwé náà, ó sì béèrè ìbéèrè kan nípa ohun tó wà níbẹ̀.

5. Ṣíṣí ọ̀rọ̀

Ìbéèrè yẹn lẹ ó gbà wọlé. Bí kò bá béèrè, ẹ̀yin lẹ ó béèrè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kó lè lọ báyìí:

"Àlàájà, ẹ sọ lọ́jọ́sí pé ẹ̀rọ omi ló ń jẹ epo yín jù. Mo rí i nínú ìwé ọlọ́dẹ pé òun nìkan ló kù tó ń lo jẹnẹrétọ̀ báyìí. Ṣé ó ṣì ń dà yín láàmú, àbí ẹ ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn máa ń ṣòro fún àwa oníṣẹ́, a ó fẹ́ fi iye owó dí i. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ìbéèrè náà fún un láyè láti ní "Ẹ fi í sílẹ̀ ná" láìjẹ́ pé ojú ti ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ sọ apá kejì yẹn.

Bó bá ní, "Ṣé ínfátà yìí kò lè gbé e ni?", ẹ má yára sọ pé ó lè gbé e. Ẹ̀rọ omi tó ní agbára ẹṣin kan àbọ̀ máa ń jẹ nǹkan bíi 1.5kW nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nígbà tó bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí yàrá kọ̀ǹpútà àti fáànù bá ti wà lórí ínfátà lásìkò náà, gbogbo ilé ìwé lè ṣókùnkùn. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ wọ̀n ọ́n ná: bí iná ṣe ń gòkè nígbà tí ẹ̀rọ omi bá ń gbéra, àti iye ẹrù tó wà lórí ínfátà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ẹ mú ọ̀nà méjì wá fún un. Èkíní, kí wọ́n fi ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ omi gbéra díẹ̀díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì máa fa omi láàárín agogo 11 àárọ̀ sí agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn pọ̀. Èkejì, kí ẹ̀rọ omi ní páánẹ́lì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò ní da ínfátà láàmú rárá, tí yóò máa fa omi kún táńkì lọ́sàn-án. Ọ̀nà kìíní kò wọ́n. Owó tó máa wọlé fún yín níbẹ̀ kéré. Bí ìwọ̀n yín bá fi hàn pé òun ló tó, òun ni kí ẹ dúró lé lórí. Mo gbà gidigidi pé ibí yìí ni oníbàárà ti ń pinnu bóyá á máa pè yín títí lọ tàbí kò ní pè yín mọ́, nítorí á bi oníṣẹ́ mìíràn, oníṣẹ́ náà á sì sọ òótọ́ fún un.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀:* ó béèrè ìgbà tí ẹ lè wá wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ iye owó ló kọ́kọ́ béèrè, ẹ dá a lóhùn pé ìwọ̀n ló máa sọ ọ́, kí ẹ dá ọjọ́ ìwọ̀n náà níbẹ̀.

6. Lẹ́yìn èsì

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ mú ìwé ọ̀nà méjì yẹn dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú ìwé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún akọ̀wé owó ní tirẹ̀.

Bó bá ní "Ó di sáà tó ń bọ̀," ẹ gbà á gbọ́. Owó ilé ìwé máa ń wọlé nígbà tí àwọn òbí bá san owó sáà, kì í ṣe kí wọ́n tó wọlé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ọ̀sẹ̀ kẹta sáà tuntun lẹ ó pè, kí ẹ sì pè lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dáa, ariwo pọ̀ jù.

Bó bá dákẹ́, ẹ rán an létí ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó má ju ìlà kan lọ: "Àlàájà, ìwé ẹ̀rọ omi ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni mà." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kò gbọdọ̀ tún sọ ọ́ mọ́. Ẹ máa kí i nígbà Iléyá, ẹ máa kí i nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá yege ìdánwò, kí ẹ má fi ẹ̀rọ omi kún ìkíni náà. Bí ọyẹ́ bá tún dé, ẹ pe oníná, kí ẹ rán an létí páánẹ́lì fífọ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ó kọ̀ pátápátá, ẹ dúpẹ́ pé ó sọ ọ́ kedere, kí ẹ wá béèrè ohun kan péré: bóyá ó lè jẹ́ kí ẹ mú oníbàárà mìíràn wá wo iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ máa ń gbà, torí kò ná wọn ní nǹkan kan. Kí ẹ tó mú àlejò náà dé, ẹ pe oníná ní ọjọ́ kan ṣáájú kó nu ojú ínfátà, kó sì rí i pé ìwé ìlànà tó wà lára ògiri kò tíì já bọ́.